Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Kí Ló Dá Ìgbì Dúró Láàrin Àwo Irin Méjì?

Ìbéèrè

Akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ni mí. Ní láàbù wa, wọ́n fún èmi àti ẹnì kejì mi ní ẹ̀rọ kan tó ń fọ́n ìgbì máíkírówéèfù jáde. Fíríkúẹ́ńsì rẹ̀ jẹ́ 10.5 GHz. Wọ́n tún fún wa ní ẹ̀rọ tó ń gba ìgbì náà, pẹ̀lú míta tó ń fi bó ṣe lágbára tó hàn. A gbé àwo alumíníọ̀mù méjì sí àárín ẹ̀rọ méjèèjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, a sì fi àlàfo sílẹ̀ láàrin wọn kí ìgbì lè gbabẹ̀ kọjá. Àwo kọ̀ọ̀kan gùn ní 20 cm láti ibi tí ìgbì ti ń wọlé dé ibi tó ti ń jáde.

Nígbà tí àlàfo náà fẹ̀ tó 2 cm, míta gòkè dáadáa. Bí a ṣe ń dín àlàfo kù ni míta ń wálẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1.3 cm, ó ku díẹ̀ kí abẹ́rẹ́ rẹ̀ kan òdo, àmọ́ kò kàn án. Ẹnì kejì mi wá dojú ẹ̀rọ méjèèjì dé ẹ̀gbẹ́, ló bá di pé ìgbì ń kọjá fàlàlà, kódà nígbà tí àlàfo kò ju 0.5 cm lọ. Ìwé wa ní f_c = nc/(2d), a sì fi ṣírò rẹ̀ pé 1.43 cm ló yẹ kí ìgbì ti dúró. Mo lè ṣe ìṣirò yẹn, àmọ́ n kò mọ ohun tó ń sọ. Kí ló ń dá ìgbì dúró gan-an? Kí ló dé tí yíyí ẹ̀rọ fi ṣínà fún un? Kí ló sì dé tí tiwa kò fi dúró gẹ́lẹ́ ní 1.43 cm?

Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ògbómọ̀ṣọ́

Ìdáhùn

Ọmọ mi, o ṣeun tí o kọ̀wé. Ohun tí ẹ̀yin méjèèjì rí kò lòdì sí ìwé yín rárá. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdáhùn náà ní ṣókí, kí n tó tú u palẹ̀: kì í ṣe pé àwo irin dí ọ̀nà mọ́ ìgbì. Àlàfo tó há náà ló ń fi dandan lé e pé kó lo apá kan nínú fíríkúẹ́ńsì rẹ̀ fún mímì sókè-sódò láàrin àwo méjèèjì. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni yóò fi rìn síwájú. Bí kò bá ṣẹ́ ku nǹkan kan, kò lè rìn.

Òfin tó wà lójú irin

Gbogbo ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ lójú irin. Nínú alumíníọ̀mù, àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù wà tí wọ́n lè sáré kiri fàlàlà. Bí pápá iná ìgbì bá fẹ́ dùbúlẹ̀ lójú irin, kó na gbọọrọ bí ojú irin náà ṣe nà, àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù wọ̀nyí yóò sáré tẹ̀lé e, pápá tí àwọn náà bá sì dá sílẹ̀ yóò pa á rẹ́. Nítorí náà, pápá iná tó bá nà bí ojú irin ṣe nà gbọ́dọ̀ di òdo níbi tó bá ti kan irin. Pápá tó dúró ṣánṣán lórí irin kò ní ìṣòro yìí ní tirẹ̀, torí ó lè bẹ̀rẹ̀ láti ara àwo kan, kó sì parí sára èkejì.

Nígbà tí ẹ kọ́kọ́ ṣe ìdánwò yín, pápá iná ìgbì náà dùbúlẹ̀ bí àwo yín ṣe dùbúlẹ̀. Ó wá di dandan pé kó jẹ́ òdo lójú àwo òkè, kó sì tún jẹ́ òdo lójú àwo ìsàlẹ̀. Fojú inú wo okùn tí a so mọ́ òpó méjì, tí a wá ń mì. Òpó kò jẹ́ kí ìdí rẹ̀ méjèèjì mì, àárín nìkan ló lè mì. Ó lè yọ ikùn kan láàrin, ó lè yọ méjì tàbí mẹ́ta, àmọ́ kò lè yọ ikùn kan àtààbọ̀, torí ìdí kan ni yóò já sí ibi tí okùn ti ń mì. Bákan náà ni pápá yìí rí láàrin àwo méjèèjì. Ikùn kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdajì gígùn ìgbì, iye ikùn tó bá sì wà láàrin àwo gbọ́dọ̀ jẹ́ odidi. Odidi yẹn ni n inú ìwé yín. Ìrísí kọ̀ọ̀kan tí òfin yìí bá gbà láàyè la ń pè ní móòdù. Nígbà tí pápá iná bá dùbúlẹ̀ bí ti àkọ́kọ́ yín, TE1, TE2, TE3 lorúkọ wọn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń lọ.

Ìnáwó fíríkúẹ́ńsì

Wàyí o, ìgbì tó ń mì sókè-sódò yìí tún fẹ́ rìn síwájú. Mímì méjèèjì gbọ́dọ̀ ti inú fíríkúẹ́ńsì kan ṣoṣo jáde, bí wọ́n sì ṣe ń pín in rèé:

f² = f_c² + f_w²

f ni fíríkúẹ́ńsì tí ẹ̀rọ yín fọ́n jáde. f_c ni èyí tí ìgbì ná sórí mímì láàrin àwo. Òun ni fíríkúẹ́ńsì ààlà. f_w ni mo fi dúró fún èyí tó ṣẹ́ kù fún lílọ síwájú. Bí o bá ń fi GHz wọn fíríkúẹ́ńsì, tí o ń fi sẹ̀ǹtímítà wọn àlàfo, ìlà inú ìwé yín yóò rọrùn sí i, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ń rin 30 cm nínú ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá:

f_c = 15n/d

Jẹ́ ká fi 2 cm yín dán an wò. Fún ikùn kan, f_c jẹ́ 15/2, ìyẹn 7.5 GHz. Fún ikùn méjì, ó jẹ́ 15 GHz, èyí tó ju 10.5 yín lọ. TE1 nìkan ló lè kọjá nìyẹn. Kí ló ṣẹ́ kù fún un? 10.5² jẹ́ 110.25, 7.5² sì jẹ́ 56.25. Bí o bá yọ ìkejì kúrò nínú èkíní, ó ku 54, gbòǹgbò rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 7.35 GHz. Ìgbì náà ń lọ síwájú dáadáa, àmọ́ kò rìn bó ṣe ń rìn ní gbangba. Gígùn rẹ̀ láàrin àwo jẹ́ 30/7.35, ìyẹn 4.08 cm, dípò 2.86 cm tó jẹ́ ní ìta. Ìsọfúnni tó bá gbé dání sì ń rìn ní 7.35/10.5 ìyára ìmọ́lẹ̀, ìyẹn ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún.

Dín àlàfo kù sí 1.5 cm. Mímì láàrin àwo ti gbówó lórí báyìí: f_c di 10 GHz, ohun tó ṣẹ́ kù kò sì ju 3.2 GHz lọ. Gígùn ìgbì láàrin àwo ti di nǹkan bí 9.4 cm. Ní 1.43 cm, f_c di 10.5 gẹ́lẹ́, ó gba gbogbo rẹ̀ tán. Ìgbì náà wà níbẹ̀ o, àmọ́ àwo òkè ló ń kàn tó ń padà sí àwo ìsàlẹ̀, lójú kan náà, láìrìn síwájú rárá. Èyí ni ìtumọ̀ fíríkúẹ́ńsì ààlà tí o ń béèrè.

Bí o bá wá kọjá ààlà yẹn, tí o sọ àlàfo di 1 cm, f_c jẹ́ 15 GHz. Ìnáwó ju owó lọ, f_w² sì di iye tó wà lábẹ́ òdo. Ohun tí èyí túmọ̀ sí nínú láàbù ni pé pápá náà kò ní ṣe bí ìgbì mọ́ ní apá iwájú. Ṣe ni yóò máa kú lọ láti ẹnu àlàfo. Ìlà tó ń sọ bó ṣe ń yára kú nìyí:

α = (2π/c)·√(f_c² − f²)

Fún 1 cm yìí, α jẹ́ nǹkan bí 2.24 fún sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ni pé bí pápá bá ti wọlé ní sẹ̀ǹtímítà kan, ó kù díẹ̀ ju ìdá mẹ́wàá rẹ̀ lọ. Ní sẹ̀ǹtímítà kejì, ó tún dín kù bẹ́ẹ̀. Kó tó dé ìdajì àwo yín, kò sí míta tó lè rí i mọ́. Àwo kò gbé agbára yẹn mì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ló yí padà láti ẹnu àlàfo lọ síbi tó ti wá.

Ìdí tí yíyí ẹ̀rọ fi ṣínà

Nígbà tí ẹnì kejì rẹ dojú ẹ̀rọ méjèèjì dé ẹ̀gbẹ́, pápá iná dìde dúró ṣánṣán láàrin àwo méjèèjì. Rántí òfin tó wà lójú irin: pápá tó bá dúró ṣánṣán kò ní láti di òdo níbẹ̀. Kò sí ohun tó fi dandan lé e pé kó yọ ikùn kankan. Ó lè jẹ́ ọgbọọgba láti àwo ìsàlẹ̀ dé àwo òkè, kó má náwó kankan sórí mímì láàrin. n tirẹ̀ jẹ́ òdo, f_c rẹ̀ sì jẹ́ òdo. Gbogbo 10.5 GHz ló wà nílẹ̀ fún rírìn síwájú, bí àlàfo tilẹ̀ há tó 0.5 cm, àní bó bá tilẹ̀ há ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Móòdù yìí ni ìwé ń pè ní TM0 tàbí TEM, torí pé pápá iná àti pápá òòfà rẹ̀ jọ wà ní ìbú ọ̀nà tó ń rìn ni. Ìyára rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ìmọ́lẹ̀ nínú afẹ́fẹ́. Ó ní àwọn àbúrò o, TM1, TM2 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, tí pápá iná tiwọn fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí apá kan rẹ̀ sì kọjú síwájú. Àwọn yẹn ní ààlà kan náà pẹ̀lú TE tó jẹ́ ojúgbà wọn. TM0 nìkan ni kò ní ààlà.

Ìdí tí kò fi dúró gẹ́lẹ́ ní 1.43

Apá yìí nínú ìbéèrè rẹ ni mo fẹ́ràn jù, torí ohun méjì tó yàtọ̀ síra ló pa pọ̀ níbẹ̀. Èkíní ni pé míta yín ti ń wálẹ̀ kí àlàfo tó dé 1.43. Ohun tó fà á ni pé bí ìgbì bá ti ń sún mọ́ ààlà, ìrísí rẹ̀ láàrin àwo kò jọ èyí tó ní ní ìta mọ́. Ní 1.5 cm, ìṣirò pápá iná rẹ̀ sí pápá òòfà rẹ̀ ti ju ti ìta lọ ní ìlọ́po mẹ́ta lé díẹ̀. Nígbà tí ohun méjì bá yàtọ̀ tó báyìí, púpọ̀ nínú agbára ń yí padà lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀nà ṣí sílẹ̀, àmọ́ díẹ̀ ló ń wọlé. Nítorí náà, má ṣe sọ nínú àbọ̀ ìwádìí rẹ pé ibi tí míta ti kọ́kọ́ ń wálẹ̀ ni ààlà wà.

Èkejì ni abẹ́rẹ́ tí kò kan òdo ní 1.3 cm. Ṣé pápá tó ń kú lọ ló dé ìparí àwo ni? Ṣírò rẹ̀. f_c jẹ́ 11.54 GHz, α sì jẹ́ nǹkan bí 1 fún sẹ̀ǹtímítà kan. Láàrin 20 cm, pápá náà yóò ti dín kù ju ìdá mílíọ̀nù ọgọ́rùn-ún lọ. Kò lè jẹ́ òun ni míta rí. Bó bá jẹ́ pé 2 cm péré ni àwo yín gùn, ǹ bá gbà bẹ́ẹ̀, torí pé pápá tó kù níbi ìparí ì bá tó ìdá méje. Àmọ́ pẹ̀lú 20 cm, ibòmíràn ni kí o wò.

Ibi méjì ni mo fura sí. Ó lè jẹ́ pé ìgbì ń gba òkè àwo tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, torí pé ẹnu ẹ̀rọ yín fẹ̀ ju àlàfo lọ dáadáa. Fi bébà alumíníọ̀mù tí wọ́n fi ń di oúnjẹ dí ẹnu àlàfo pátápátá. Bí míta bá ṣì wà níbi tó wà, kì í ṣe inú àlàfo ni ìgbì yẹn gbà. Ó sì lè jẹ́ pé àwo yín fì díẹ̀ sí bí ẹ̀rọ ṣe dúró. Bí ó bá fì ní dígírì 10, díẹ̀ nínú pápá iná náà yóò dìde ṣánṣán lórí àwo, yóò sì gba inú TM0 tí kò ní ààlà kọjá. Ẹ̀rọ tó ń gbà á náà fì bẹ́ẹ̀, yóò sì gbà nínú rẹ̀. Ìṣirò rẹ̀ fún pápá jẹ́ sin 10° lọ́nà méjì, ìyẹn nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn tó láti gbé abẹ́rẹ́ kúrò lórí òdo bí o bá yí míta sí ibi tó ti ń gbọ́ kíkéré. Rọra yí àwo padà sọ́tùn-ún sósì títí míta yóò fi rẹlẹ̀ jù lọ. Bó bá lọ sílẹ̀ sí i, TM0 ló yọ́ wọlé.

Móòdù tó lè kọjá àti móòdù tó wà níbẹ̀

Kí ẹ má baà kó sínú ìdààmú bí ẹ bá fẹ àlàfo, gbé e lọ sí 5 cm lórí ìwé. f_c fún ikùn kan jẹ́ 3 GHz, fún méjì 6, fún mẹ́ta 9, fún mẹ́rin 12. Mẹ́ta ló wà lábẹ́ 10.5. Nítorí náà, TE mẹ́ta ló lè kọjá, TM mẹ́ta pẹ̀lú TM0 sì wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ méje. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ á wá rò pé méjèèje ló ń rìn nínú àlàfo wọn. Rárá o. Ìlà yẹn ń sọ èyí tó lè kọjá. Bí o bá ṣe ti ìgbì wọlé ló ń sọ èyí tó wà níbẹ̀.

Bí pápá iná bá dùbúlẹ̀, kò sí TM kankan tí yóò gbéra. Bí ẹnu ẹ̀rọ bá sì wà ní àárín gbùngbùn àlàfo, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lókè àárín àti nísàlẹ̀ rẹ̀ bára mu. TE1 àti TE3 náà bára mu lókè àti nísàlẹ̀, wọ́n á gbéra. TE2 ní tirẹ̀, ikùn òkè rẹ̀ kọjú sí òdìkejì ti ìsàlẹ̀, kò sì sí ohun tó máa gbé e. Gbé ẹ̀rọ sókè díẹ̀ kúrò ní àárín, TE2 yóò dara pọ̀. Nígbà tí móòdù ju ẹyọ kan lọ bá jọ ń rìn, ìyára wọn kò dọ́gba, wọ́n a máa ran ara wọn lọ́wọ́ níbì kan, wọ́n a sì máa pa ara wọn níbòmíràn. Bí o bá rí i pé míta ń gòkè ń sọ̀kalẹ̀ bí o ṣe ń fẹ àlàfo, má dá míta lẹ́bi. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí ẹ dúró láàrin 1.43 sí 2.86 cm, níbi tó jẹ́ pé, nínú àwọn TE, TE1 nìkan ló lè kọjá.

Àwo méjì tó tóbi jù lọ

Irú àlàfo yìí wà lókè orí wa. Ilẹ̀ ayé jẹ́ àwo kan fún ìgbì tí fíríkúẹ́ńsì rẹ̀ kéré gan-an, ayónósífíà tó wà lókè sì jẹ́ àwo kejì. Ní òru, ìpele tó ń dá irú ìgbì bẹ́ẹ̀ padà wà ní nǹkan bí kìlómítà 85 sí 90. Fi 88 dán an wò: 300,000 pín sí ìlọ́po méjì 88 jẹ́ 1,700 Hz lé díẹ̀. Mànàmáná tó kọ níbi tó jìnnà gan-an ń rán gbogbo fíríkúẹ́ńsì jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó ga dáadáa ju ààlà lọ ń yára dé. Èyí tó fi díẹ̀ ga jù ú lọ ń fà lẹ́yìn, nítorí ohun tó ṣẹ́ kù fún un láti fi rìn kò tó nǹkan. Bí a bá so ẹ̀rọ tó ń gba ìgbì wọ̀nyí mọ́ gbohùngbohùn, a ó gbọ́ ohùn kúkúrú tó bẹ̀rẹ̀ lókè tó sì já sílẹ̀ sí nǹkan bí 1,700 Hz. Àwọn onímọ̀ ń wọn ibi tó ti já sílẹ̀ yẹn, wọ́n sì ń fi ìlà inú ìwé yín ṣírò bí ayónósífíà ṣe ga tó ní òru náà. Ìgbì tó kéré ju 1,700 lọ pẹ̀lú ń rìn káyé, torí inú TM0 ni òun ń gbà.

Ìdánwò kan kí ẹ tó kọ àbọ̀ yín

Ẹ fi àlàfo sí 1 cm, kí pápá iná dùbúlẹ̀, kí ẹ sì ti yanjú ọ̀rọ̀ bébà alumíníọ̀mù àti àwo tó fì. Míta yóò wà lórí òdo. Ẹ wá ki ike pọ́líẹ́tílíìnì, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe pátákó ìgéran funfun, sínú àlàfo náà kó kún un dẹ́nu, lókè, nísàlẹ̀ àti láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Iye tí ike yìí fi ń mú kí pápá iná rọ̀ jẹ́ nǹkan bí 2.25, gbòǹgbò rẹ̀ sì jẹ́ 1.5. Gígùn ìgbì yóò kúrú nínú ike ní ìlọ́po yẹn, ikùn kan yóò sì wọ inú àlàfo tó há tẹ́lẹ̀:

f_c = 15n/(1.5·d)

Fún 1 cm, ààlà kúrò ní 15 GHz, ó di 10 GHz, ẹ̀rọ yín sì ń fọ́n 10.5. Míta yóò gbéra láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kan àwo tàbí ẹ̀rọ. Yóò gòkè díẹ̀ ni o, torí pé ìgbì ṣì sún mọ́ ààlà, púpọ̀ rẹ̀ yóò sì yí padà lẹ́nu ọ̀nà bí mo ṣe sọ lẹ́ẹ̀kan. Àmọ́ bí míta kò bá gbéra rárá, ẹ wò ó bóyá ike náà kò dé ìbẹ̀rẹ̀ tàbí ìparí àwo. Níbi tí ike kò bá sí, ààlà ṣì wà ní 15 GHz, pápá yóò sì máa kú lọ níbẹ̀. Ẹ kọ ohun tí míta sọ kí ike tó wọlé àti lẹ́yìn tó wọlé sílẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin méjèèjì ni ẹ̀rí pé fífẹ̀ àlàfo sí gígùn ìgbì ló ń pinnu ààlà, kì í ṣe irin náà fúnra rẹ̀.